Òtítọ́ Kù Tà Lọ́jà Wúrà

"Òtítọ́ dọ́jà, ó kù tà; owó lọ́wọ́ là ń ra èké," ni àwọn baba wa wí; ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jí dé ìsọ̀ wúrà òde òní, ẹnu yóò yà wọ́n, nítorí èké ti gbọ́n sí i: kò purọ́ mọ́, ìdajì òtítọ́ ni ó ń pàtẹ.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ẹ̀gbà ọrùn kan yẹ̀ wò, tí ó ń dán yinrin, tí òkúta pupa fòò kan jókòó sí agbedeméjì rẹ̀. Bí a bá bi ìyá oníwúrà pé, "Mà, ṣé góòlù ni?" yóò ní, "Éétíìn kárátì ni, àǹtí mi, ẹ wò ó lára rẹ̀!" Òótọ́ sì ni, 18K wà lára ìkọ́, lẹ́tà méjì tó tẹ̀ lé e, GP, ni àtàǹpàkò rẹ̀ bò.

Kárátì 24 ni wúrà tí kò ní àdàlú. 18 ń sọ pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni wúrà, tí a sì sábà fi fàdákà àti bàbà yọ́ mọ́ ọn kí ó lè le. GP wá ń jẹ́wọ́ pé awọ òde nìkan ni gbogbo oríkì yìí ń kì: idẹ ni ara, iná mànàmáná ni wọ́n fi gbé wúrà lé e. Bí ẹ̀gbà náà bá wọn 20 gíráàmù, tí ojú ara rẹ̀ fẹ̀ tó 40 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin, tí awọ náà sì nípọn ìdajì máíkírónì (1,000 máíkírónì ni mìlímítà kan), wúrà kárátì 18 tó wà níbẹ̀ kò ju bí 0.03 gíráàmù lọ. Òógùn àti lọ́fínńdà ni yóò họ ọ́, níbi ìkọ́ àti ibi tó ń fara kan ọrùn, tí bàbà inú idẹ yóò sì kùn ọrùn ní àwọ̀ ewé. Mo ti rí olówó orí ijó tí ó fi pawúdà bò ó.

Òkúta náà ńkọ́? Rúbì ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n rúbì tó kún fún ìsán ni, tí wọ́n yọ́ gíláàsì olójèé sínú ìsán náà kí ó lè mọ́ gaara. Ní 2018, àjọ tó ń ṣọ́ ìṣòwò ní Amẹ́ríkà là á yé àwọn oníṣòwò pé ẹ̀tàn ni kí a pe irú èyí ní "rúbì" lásán. Ẹni tó bá fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá yí i síwá sẹ́yìn lábẹ́ iná yóò rí ìmọ́lẹ̀ búlúù tó ń kọ fìrì nínú ìsán, pẹ̀lú ìfófò kéékèèké. Kí ó má fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ dán an wò, nítorí yóò jẹ gíláàsì náà, òkúta yóò sì ṣú.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ó wà lórí rìsíìtì ni pé: "Ẹ̀gbà idẹ, a fi wúrà kárátì 18 bò ó lára, ìdajì máíkírónì, rúbì tí a fi gíláàsì olójèé dí ìsán rẹ̀, kí iná alágbẹ̀dẹ wúrà má ṣe kàn án."