Àwọn Olè Nìkan Ló Ń Kí Mi Kú Oríire

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mo gbọ́dọ̀ sọ jáde kó tó sọ mí di aláìsàn. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe akọ̀wé owó ti kógbá wọlé, kò sí ibi tí n kò kọ̀wé sí. Kò sẹ́ni tó gbà mí, mo gbà fún Ọlọ́run. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò tilẹ̀ sẹ́ni tó sọ fún mi pé àwọn ò gbà mí. Àwọn kan ṣoṣo tó ń dá mi lóhùn láàárín wákàtí kan, tí wọ́n ń pè mí ní “Sà”, tí wọ́n ń kí mi kú oríire, tí wọ́n sì ń ṣàdúrà fún èmi àti ìdílé mi, olè ni wọ́n.

Ẹ wo èyí tó wọlé sórí Wọ́sáàpù mi lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, lẹ́yìn tí a jẹun alẹ́ tán:

“Ẹ kú oríire o, Sà! Ilé iṣẹ́ epo wa ti yàn yín sí ipò igbákejì ọ̀gá ẹ̀ka ìnáwó. Owó oṣù: 480,000 náírà. Ẹ óò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ san 15,500 náírà fún àyẹ̀wò ara, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti káàdì ìdánimọ̀ kí aago méjìlá òru òní tó lù. A óò dá a padà mọ́ owó oṣù àkọ́kọ́. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, torí àǹfààní yìí kò kárí.”

Ilé iṣẹ́ epo tí wọ́n dárúkọ, tí mo fi orúkọ rẹ̀ bò yìí, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Àmì rẹ̀ náà wà níbi àwòrán ẹni tó kọ̀wé. Ìyàwó mi kà á, ó ní, “Bàbá Tósìn, ṣé ẹ ti kọ̀wé sí wọn rí ni?” N kò kọ̀wé sí wọn rí. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀dùn ọkàn mi ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí mo kọ̀wé sí, tí mo lọ ya fọ́tò, tí mo fọ àgbádá dè, wọn ò mọ̀ mí. Ibi tí n kò dé rí, wọ́n ti fi mí ṣe igbákejì ọ̀gá.

Ẹni tó bá ti wáṣẹ́ rí mọ̀ pé agbanisíṣẹ́ gidi kì í yára kíni kú oríire. Ìbéèrè ni yóò kọ́kọ́ dà bò ọ́: kí lo ṣe láàárín ọdún yìí sí ọdún yẹn, kí ló dé tí o fi kúrò níbẹ̀, ta ló lè jẹ́rìí sí ọ? Èyí tó wà lórí fóònù mi kò bi mí léèrè ohunkóhun. Kò mọ̀ bóyá mo lè ka owó dé ogún. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ mọ̀ nípa mi ni bóyá 15,500 náírà wà lọ́wọ́ mi kí ilẹ̀ tó mọ́. Aago méjìlá òru tó fi síbẹ̀ náà ní ìdí. Tó bá fún mi di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, màá ti rí ẹni tí màá bi. Òun náà mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tí mo bá fi hàn ni yóò tú àṣírí rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ní kí n má sọ.

Ẹnìkan lè sọ pé owó díẹ̀ náà ni, àti pé ìjọba náà ti gbowó rí. Òótọ́ ni. Nígbà kan tí àjọ ìmígírésọ̀n fẹ́ gba òṣìṣẹ́, 1,000 náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan kó tó lè forúkọ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2014, wọ́n kó wọn lọ sí pápá ìṣeré káàkiri fún ìdánwò, èrò pọ̀ ju ààyè lọ, wọ́n tẹ àwọn kan pa ní Àbújá àti láwọn ìlú mìíràn. Kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. Mo kàn ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ kò di ohun tó tọ́ nítorí pé ìjọba ló gbà á. Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ yẹ̀ mí wò lọ́dọ̀ dókítà, òun ni yóò sanwó dókítà. Bó bá fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́, òun ló ń kọ́ni. Ìlérí pé wọ́n óò dá a padà ló tilẹ̀ ń rí mi lára jù. Bí owó náà yóò bá kúkú padà, ṣé wọn ò lè yọ ọ́ nínú owó oṣù náà ni, kí wọ́n má gbà á rárá?

Nọ́ńbà àkáǹtì wà lábẹ́ ìwé náà. Mo wá ṣe ohun kan tí ẹ̀yin náà lè ṣe láìsanwó. Mo ṣí áàpù báńkì mi bí ẹni tó fẹ́ fowó ránṣẹ́, mo tẹ nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá náà sí i, mo sì mú báńkì tó dárúkọ. Kí owó tó lọ, orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì máa ń kọ́kọ́ jáde. Orúkọ obìnrin kan ló jáde. Ilé iṣẹ́ epo ńlá, obìnrin kan ló ń gbowó fún un! Mo pa áàpù náà dé níbẹ̀. Àmọ́ bí orúkọ ilé iṣẹ́ bá jáde, ẹ má tíì jó o, torí ẹnikẹ́ni lè forúkọ okòwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, kó sì fi ṣí àkáǹtì. Orúkọ ẹni lásán ń tú olè fó, ṣùgbọ́n orúkọ ilé iṣẹ́ kò wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Mo ní kó fi ímeèlì ránṣẹ́. Ó fi ránṣẹ́ kíákíá, wọ́n mà níwà o! Orúkọ ilé iṣẹ́ náà ló hàn lókè gàdàgbà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè kọ ohun tó wù ú síbẹ̀. Mo tẹ orúkọ náà kí àdírẹ́sì gan-an lè jáde. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà ló wà lẹ́yìn àmì @, lẹ́yìn rẹ̀ ni `-recruitment`, lẹ́yìn náà `.com`. Ilé iṣẹ́ náà ní ojúlé tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sì sí `-recruitment` kankan nínú rẹ̀. Àfikún kékeré yẹn ti sọ ọ́ di ilé ẹlòmíràn, ẹnikẹ́ni ló sì lè ra irú rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú.

Mo dá a lóhùn pé n kò lówó lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ àánú olè: “Kò burú, Sà. Àwa óò san án fún yín. Ẹ sáà fi nọ́ńbà àkáǹtì, BVN àti nọ́ńbà tó wà níwájú káàdì ATM yín ránṣẹ́, ká lè fi yín sínú ìwé owó oṣù. Nọ́ńbà kan yóò wọlé sórí fóònù yín, ẹ kà á fún wa.”

Àbúrò ìyàwó mi tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ni mo pè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde látinú fóònù. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ránṣẹ́ o!” Ó ní nọ́ńbà àkáǹtì kọ́ ni wàhálà, torí òun náà ni ẹni tó fẹ́ sanwó fúnni máa ń gbà, ilé iṣẹ́ gidi á sì béèrè rẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn bá ti gba ìwé ìgbanisíṣẹ́. Nọ́ńbà orí káàdì, ọjọ́ tí yóò parí, mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀, PIN, àti nọ́ńbà tó ń wọlé sórí fóònù, ìyẹn OTP, àwọn yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Owó oṣù kò nílò ìkankan nínú wọn kó tó wọlé. OTP yẹn ni báńkì fi ń mọ̀ pé èmi ni mo ń fowó ránṣẹ́ tàbí pé èmi ni mo ń ṣí áàpù lórí fóònù tuntun. Bí mo bá kà á fún un, mo ti bá a fọwọ́ sí i. Ó ní irú mìíràn wà tí wọn kì í béèrè káàdì rárá: wọ́n á ní iṣẹ́ rẹ ni kí o gba owó sínú àkáǹtì rẹ, kí o yọ ìdá díẹ̀, kí o sì fi ìyókù ránṣẹ́ síbòmíràn. Owó tí wọ́n jí lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni. Wọ́n á ti àkáǹtì rẹ pa, ìwọ sì ni ọlọ́pàá máa wá bá.

Ìyàwó mi ní ká ṣépè fún un. Ó ti to èpè náà lẹ́sẹẹsẹ, ó sì dùn ún gbọ́. Mo ní rárá, torí n kò mọ ibi tí olè náà ti rí nọ́ńbà mi. Bó bá jẹ́ inú ìwé ìwáṣẹ́ mi ni, àdírẹ́sì ilé wa àti nọ́ńbà pásítọ̀ tí mo fi ṣe ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀. (Mo ti yọ àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìbí kúrò nínú rẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbà mí síṣẹ́ óò béèrè.) Ohun tí mo kọ sí i nìyí:

“Ẹ ṣé. Màá fúnra mi bá ilé iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ láti mọ̀ bóyá àwọn ló ránṣẹ́ yìí. N kì í sanwó gba iṣẹ́, n kì í sì fi nǹkan báńkì ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù.”

Kò sí èébú níbẹ̀, kò sí orúkọ mi, kò sì sí ìbéèrè tó lè dáhùn kó fi tún fà mí lọ. N kò tẹ líǹkì kankan. Ká ní mo ti mọ̀ pé olè ni kí n tó dá a lóhùn rárá, ìdákẹ́ ì bá dára jù, torí ẹni tó bá fèsì ti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èèyàn wà lórí nọ́ńbà náà. Mo ya fọ́tò gbogbo ọ̀rọ̀ náà, nọ́ńbà fóònù àti ti àkáǹtì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Wọ́sáàpù, tí mo sì dí i lọ́nà, torí béèyàn bá ṣe méjèèjì pa pọ̀, ọ̀rọ̀ náà lè pa rẹ́, kí ẹ̀rí sì bá a lọ. Àbúrò ìyàwó mi ní ká ní mo ti sanwó ni, báńkì ni ǹ bá kọ́kọ́ pè lóru ọjọ́ náà gan-an, torí owó tí olè bá ti gbé kúrò nínú àkáǹtì náà ṣòroó mú.

Lọ́jọ́ Ajé, mo fọwọ́ ara mi tẹ ojúlé ilé iṣẹ́ epo náà, mo rí ímeèlì wọn níbẹ̀, mo sì fi fọ́tò ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ẹ̀yin lẹ kọ èyí? Wọ́n dá mi lóhùn! Àwọn àkọ́kọ́ tí kì í ṣe olè tó dá mi lóhùn lọ́dún yìí. Wọ́n ní àwọn kọ́, pé àwọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Wọ́n wá fi kún un lábẹ́ pé àwọn ò tilẹ̀ ń gba òṣìṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, àti pé kí n má fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ sí ímeèlì yìí. Ta ló béèrè?