Àkísà Kò Wọ́n Mọ́

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe náà tọ́ nígbà tí aṣọ ṣì ń pẹ́ lọ́rùn kó tó gbó. Lóde òní, àwọn oníṣòwò kan ti dé tí wọ́n ń ta àkísà ní tààrà fún ọmọ ogún ọdún, owó aṣọ tuntun sì ni wọ́n ń gbà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní agbègbè Tchaourou tó wa sẹmijáàn títí ó fi rí 200,000 fáránkì tọ́jú. Ó ní òun fẹ́ dá òwò sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kó ra iṣu kokoro lóṣù kìíní, nígbà tí iṣu pọ̀ tí ọyẹ́ sì ń fẹ́, kó fi ṣe gbọdọ. Wọn á bẹ iṣu náà, wọn á kó o sínú omi gbígbóná tí kò tíì hó, wọn á fi í sílẹ̀ mọ́jú, kí wọ́n tó sá a sórí àpáta títí yóò fi máa dún pá bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ. Nǹkan bíi kílò mẹ́rin iṣu tútù ló ń di kílò kan gbígbẹ. Tí òjò bá ti dé tí iṣu tuntun kò sì tíì jáde, owó rẹ̀ á gbéra.

"Oṣù márùn-ún, Bàbá?" ni ọmọ wí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní iṣu láti bẹ. Fóònù ló fà yọ. Ó ní ẹni tó bá fi 100,000 sílẹ̀ yóò máa gba 30,000 lóṣooṣù, láìjáde nílé. Òun fúnra rẹ̀ ti gbà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń gba ẹ̀bùn lórí ẹnikẹ́ni tó bá mú wá.

Bàbá kò wàásù. Ó wọlé, ó mú ìwé kékeré kan jáde tí wọ́n lu òǹtẹ̀ ICC Services mọ́. Ilé-iṣẹ́ yẹn náà ṣèlérí èlé tí báńkì kankan kò lè san. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìjọba wà lẹ́yìn rẹ̀; ọmọ Tchaourou gan-an, Boni Yayi, tó ti ṣe olórí báńkì rí, ló wà lórí àga ààrẹ. Ní 2010 ilé-iṣẹ́ náà wó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn pàdánù owó wọn káàkiri Bẹ̀nẹ̀, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé sì bá a lọ.

Bàbá ní kí ọmọ jẹ́ káwọn ṣírò. Tí ènìyàn 10 bá ti wọlé, 300,000 ni a óò san fún wọn lóṣù. Níwọ̀n bí a kò ti ta ohunkóhun, àfi kí ènìyàn mẹ́ta tuntun mú owó wá. Lóṣù kejì a ti di 13, mẹ́rin mìíràn gbọ́dọ̀ dé. Tí ọdún bá yí po, a ó ti lé ní 230. Kí oṣù 40 tó pé, gbogbo ènìyàn tí wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Tchaourou ní 2013, tí wọ́n lé ní 220,000, kò ní tó mọ́, ìkókó ẹ̀yìn ìyá pẹ̀lú.

Ọmọ ronú, ó sì gbọ́n bí àwọn ọmọ ìgbà yìí ṣe ń gbọ́n: ó pín in. Ó fún ọ̀rẹ́ ní 150,000, ó fi 50,000 ra iṣu. Oṣù kìíní, 45,000 wọlé sórí fóònù. Ó dá a padà síbẹ̀ kó lè bí sí i. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣù kejì. Lóṣù kẹta, iṣẹ́ kan dé pé kí wọ́n ní sùúrù, àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́. Títí di òní, wọn kò tíì tún un ṣe tán.

Gbọdọ náà kò lọ ní mímọ́. Ọmọ kò tú àpò wò títí òjò fi dé, ìyẹ̀fun sì ti ń jọ̀ nísàlẹ̀ àpò kan: kòkòrò ti ń gbẹ́ ẹ láti inú. Bàbá ní kó tún un sá kíákíá, kó sì tà á lọ́sẹ̀ náà. Àpò kan bàjẹ́, ìyókù mú owó rẹ̀ padà pẹ̀lú èrè díẹ̀.

Ọ̀rẹ́ kò pẹ́ padà. Ó ti rí ilé-iṣẹ́ mìíràn, ó ní lọ́tẹ̀ yìí àwọn máa tètè wọlé.

"Kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀," ni ọmọ bi í, "ta ló sì ń jẹ ẹ́?"

Ọ̀rẹ́ wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "O ti di arúgbó," ló wí, ó sì kọjá sí ilé kejì.