Àìsàn Wo Ló Ń Ṣe Àkáǹtì Mi?

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú! Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ríṣẹ́, akọ̀wé owó ibẹ̀ sì ní inú àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì nìkan ni àwọn ń san owó oṣù sí. Mo ní mo ti ní sééfínsì. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ẹ ti dàgbà ju ìyẹn lọ, sà." Àfi bí ẹni pé ṣòkòtò iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wọ̀ wá síbi iṣẹ́.

Báńkì ní kí n mú onídùúró méjì wá, kí àwọn náà sì ní kọ́rẹ́ǹtì. Ládùúgbò wa, àjọ ni gbogbo wa ń dá! Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́ ló gbà mí, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀.

₦150,000 wọlé lóṣù àkọ́kọ́. Mo fi ránṣẹ́ sí onílé, sí ìyá mi, sí àwọn tí mo jẹ ní gbèsè, ó tán. Báńkì tún yọ ₦161.25, yàtọ̀ sí owó ìfiránṣẹ́. Wọ́n ní owó ìtọ́jú àkáǹtì ni. Àìsàn wo ló ń ṣe é?

Ìlànà Báńkì Àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020 ló fún wọn láyè: náírà kan lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan tó bá jáde nínú kọ́rẹ́ǹtì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, tàbí sí àkáǹtì ìwọ fúnra rẹ ní báńkì mìíràn. Lórí ₦150,000 mi, ₦150 nìyẹn. Owó orí ọjà gba ₦11.25 lórí rẹ̀. Wọn kì í gba irú rẹ̀ lórí sééfínsì. ₦50 lórí káàdì ni sééfínsì ń san ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Sééfínsì tún ń bí èlé. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ó kéré tán, èlé náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún iye tí Báńkì Àpapọ̀ bá kéde. Nígbà tí iye yẹn wà ní 27% ní ìparí ọdún 2025, 8.1% lọ́dún nìyẹn: ₦40,000 tó bá jókòó fún ọdún kan yóò bí ₦3,240, kí ìjọba tó mú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ owó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóṣù, èlé oṣù náà ti wọgbó. Èmi tí mo máa ń yọ owó kí bọ́ọ̀sì tó dé Ìtòìkín ńkọ́? Sééfínsì méjì ló yẹ irú wa: kí owó oṣù wọ ọ̀kan, kí á gbé èyí tí a fẹ́ tọ́jú sínú èkejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí á má sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Kọ́rẹ́ǹtì yẹ ẹ̀gbọ́n ẹlẹ́ja. Ó máa ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún àwọn tó ń kó ẹja wá fún un, báńkì sì ń jẹ́ kó ná kọjá ohun tó ní nígbà tí ọjà bá dé. Èmi, ta ni n ó kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún? Ṣé oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ní Agric?

Mo padà lọ bá akọ̀wé owó pé kó fi òfin tó ní kọ́rẹ́ǹtì nìkan hàn mí. Ó ní bí àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìwé owó oṣù wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀, mo bá yọjú. Ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ tirẹ̀, sééfínsì ni wọ́n kọ.