Fọ́ọ̀mù Báńkì Kò Mọ̀ Pé Òjò Ń Rọ̀

Ẹ bá mi dá sí i o. Mo fẹ́ yá ₦1,200,000 ní báńkì, kí n fi ra jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìjórin tuntun sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà mi n'Ìbàdàn. Ọmọkùnrin tó wà nídìí owó yíyá, tí àkọ́bí mi jù lọ́jọ́ orí, na fọ́ọ̀mù sí mi: "Bàbá, ẹ kọ iye tó ń wọlé lóṣù àti iye tó ń jáde, ká lè mọ bí ẹ ó ṣe san án."

Ta ló sọ fún un pé ẹni tó ń ṣe géètì ń gba owó oṣù? Mo ro iṣẹ́ ọdún kan pọ̀, mo pín in sí ọ̀nà méjìlá, ó já sí ₦500,000. Irin, ọ̀dà àti ọ̀pá ìjórin kó ₦270,000 lọ. Epo jẹnẹrétọ̀ gba ₦50,000, owó ṣọ́ọ̀bù ₦20,000, oúnjẹ àwọn ọmọ iṣẹ́ ₦20,000. Ó ku ₦140,000. Báńkì ní kí n máa san ₦136,000 lóṣooṣù fún ọdún kan. Inú ọmọ náà dùn: "Bàbá, ó gbé e!"

Ó gbé e lóòótọ́. ₦4,000 tó ṣẹ́ kù ni èmi, ìyá wọn àtàwọn ọmọ yóò fi jẹun títí oṣù yóò fi parí. Fọ́ọ̀mù yẹn béèrè oúnjẹ ọmọ iṣẹ́, kò béèrè ti ọ̀gá.

Ìyẹn gan-an, oṣù tó dáa díẹ̀ ni. Ní oṣù keje, tí òjò ò jẹ́ kí bíríkìlà mọlé, ta ni yóò wá gbé géètì? Bí iṣẹ́ ₦250,000 bá wọlé, mo dúpẹ́. Owó irin àti epo yóò dín sí ìdajì, ṣùgbọ́n onílé ò ní gba ìdajì, ikùn ọmọ iṣẹ́ ò sì mọ̀ pé ọjà ò tà. ₦50,000 ni yóò kù, ₦136,000 ni báńkì ń retí.

Èlé tiẹ̀ tún wá ńkọ́? Náírà mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù ni wọ́n pè é. Mo ní lórí èwo? Ó ní lórí gbogbo ₦1,200,000, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyẹn ni pé ní oṣù ìkẹyìn, tí gbèsè mi ti ku ₦100,000 péré, ₦36,000 ni mo tún máa san lélé. Bó bá jẹ́ pé orí ohun tó kù ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ sí, ₦3,000 ni. Lọ́dún, ₦432,000 dípò ₦234,000! Ẹ béèrè ìbéèrè yìí kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé, torí "mẹ́ta" kan náà ni wọ́n máa pe méjèèjì.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí n máa san kékeré nígbà òjò, kí n wá san ńlá lóṣù kejìlá, nígbà tí gbogbo ayé ń tún ilé ṣe de ọdún. Ó tẹ kọ̀ńpútà rẹ̀ títí, ó mi orí: "Bàbá, kò sí àyè òjò níbí."