Fóltéèjì Bẹ́líìtì

Ní àdúgbò wa ní Àgbàdo, ẹni tó bá ti lè ka ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá. Bí oyè náà ṣe já lé mi lórí nìyẹn. Ìwé Faransé ni mo ń túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá jẹun, gbogbo àdúgbò sì gbà pé ẹni tó gbọ́ Faransé ti gbọ́ ẹ́ńjìnnì náà. Èmi náà ò já wọn ní koro.

Màmá tó ń ta ẹja inú yìnyín ló ra jẹnẹrétọ̀ tòkunbọ̀ kan, oní-dísù, tó gba Kútọnu wọlé. Faransé ni gbogbo ìwé tó bá a wá. Màmá ní kí n kọ ọ́ sí Yorùbá fún mẹkáníìkì òun, torí bíná bá lọ tí jẹnẹ kọ̀, ẹja á rà.

Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni mo ti kọsẹ̀. Wọ́n ní kí èèyàn "contrôler" ọ́ìlì ní àràárọ̀. Mo rántí kọ́ńtíróòlù, mo kọ ọ́ pé kó máa kápá ọ́ìlì. Mẹkáníìkì pè mí: "Ọ̀gá, ẹ má bínú o, ṣé ọ́ìlì yìí ń jà ni?" Ohun tí Faransé ń sọ ò ju kó fa gééjì yọ, kó nù ún, kó tì í bọ̀ ọ́ padà, kó wá wò ó bóyá ọ́ìlì wà láàárín àmì méjèèjì. Láyé àtijọ́, ìwé ìṣirò kejì tí wọ́n fi ń yẹ ti àkọ́kọ́ wò ló bí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn Faransé ò kúrò nídìí yíyẹ nǹkan wò, Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́ di ìjọba.

Ìyẹn kéré. "Tension" ló bà mí lójú jẹ́. Ìwé ní kí wọ́n wo "tension" lórí ibi tí wọ́n ń de wáyà mọ́, mo sì kọ ọ́ pé kí wọ́n wò ó bóyá wáyà le dáadáa. Mẹkáníìkì di wáyà mú, ó fà á tokuntokun, wáyà já kúrò lára nọ́ọ̀tì. Ọpẹ́ ni pé jẹnẹ ò tíì ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo wá wo ìwé náà dáadáa, 230 V ló wà níwájú gbólóhùn yẹn. Fóltéèjì ni wọ́n ń wí. Ìtìjú rẹ̀ tún wá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, torí ojoojúmọ́ la ń pe wáyà gíga tó ń gbé iná ọba kọjá ní háítẹ́ńṣọ̀n. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ọmọ kékeré ni mo lọ ń wá nínú ìwé atúmọ̀ èdè.

Ọgbọ́n tí mo kọ́ níbẹ̀ ló pa mí lára. Mo padà sínú gbogbo iṣẹ́ náà, ibikíbi tí "tension" bá wà, mo fi fóltéèjì sí i. Lọ́jọ́ kejì, mẹkáníìkì fi ẹnu mítà méjèèjì kan bẹ́líìtì tó ń yí fáànù. "Ọ̀gá, zírò ló ń gbé wá o. Bẹ́líìtì yìí ti kú." Màmá ti fún un lówó, ó ti ra òmíràn ní Ládípọ̀ kí n tó dé ibẹ̀. Rọ́bà lásán ni, iná wo ló fẹ́ bá níbẹ̀? Ti bẹ́líìtì yìí, fífà tó fà ni ìwé ń béèrè: kí èèyàn fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, kó sì wọlé ní nǹkan bíi milimítà 10. Bó bá wọlé jù, á máa yọ̀, fáànù ò ní yí dáadáa, ẹ́ńjìnnì á gbóná. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ojú ìwé kan náà sì ni. Ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀: níbi tí V bá wà, iná ni, níbi tí milimítà bá wà, fífà ni. Ó wà níbẹ̀ gbangba, mi ò wò ó.

Èyí tó lè dáná sun wá ni "pétrole". Wọ́n ní kí wọ́n fi fọ àwọn irin ẹ́ńjìnnì, mo sì kọ pẹtiróòlù, láìronú. Ní Bẹ̀nẹ̀, kẹrosíìnì tí wọ́n ń rọ sí àtùpà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Epo mọ́tò tiwa, "essence" ni tiwọn. Òun ni wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì tí wọ́n ń pè ní kpayo. Pẹtiróòlù máa ń tú oru tó lè gbiná kódà nínú òtútù tó ń mú omi dì. Kẹrosíìnì ò ṣe bẹ́ẹ̀ àfi tó bá gbóná tó ìwọ̀n 38 sẹ́lísíọ̀sì. Mẹkáníìkì ka ìwé mi, ó wo ìyá alákàrà tó ń dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ó sì lọ ra kẹrosíìnì. Kò tilẹ̀ pè mí.

Màmá san owó iṣẹ́ mi. Ó kọ́kọ́ yọ owó bẹ́líìtì kúrò ńbẹ̀.