Pátákò Ẹlẹ́dẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Ogun

Tíṣà Yorùbá kan wà tó gbà pé kò sẹ́ni tó mọ àkàyé í máàkì tó òun. Èmi gan-an ni, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "tíṣà", kí ojú má baà tì mí jù.

Àjàyí Crowther ni àyọkà tó kọ fún kíláàsì rẹ̀ dá lé. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Àjàyí àtàwọn ẹrú mìíràn lọ́wọ́ àwọn Potogí tó ń kó wọn lọ. Lẹ́tà tí Àjàyí kọ ní 1837 ròyìn bí ẹ̀rù ṣe bà wọ́n nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ náà. Tíṣà tún un sọ báyìí: "Wọ́n rí ẹran tí wọ́n so rọ̀, wọ́n rò pé ẹran ènìyàn ni. Wọ́n rí ọta àgbá, wọ́n ṣe bí orí ènìyàn ni. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀ lára ẹran náà, wọ́n sì rí i pé irin ni ọta." Ó wá bi wọ́n léèrè ohun tí àyọkà fi hàn nípa àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà. Ìdáhùn ní máàkì kan, ẹ̀rí ní kan.

Ọmọ kan kọ ọ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ ènìyàn. Ẹ̀rí rẹ̀ ni "ẹran ènìyàn ni." Tíṣà fìka tọ ìlà, ó bá ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀ rekete, ló bá fún un ní méjì!

Ọmọ kejì ní àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ yẹ nǹkan wò dáadáa, ó wá fa "wọ́n ṣe bí orí ènìyàn ni" yọ. Òun náà gba méjì, nítorí ìdáhùn rẹ̀ bá èyí tó wà lọ́wọ́ tíṣà mu. Ẹ̀kẹta ní ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rò kì í ṣe òótọ́, ó sì fa gbólóhùn pátákò yọ. Òdo ló gbà. Kò sí nínú ìwé ìdáhùn tíṣà.

Nígbà tí ìwé délẹ̀, ẹni tó gba òdo dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé àwọn tó ń jẹ ènìyàn ló sọ Crowther di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864?"

Ẹ̀rín pa kíláàsì.

Tíṣà gba ìwé padà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi bébà bo ìdáhùn, ó ka ẹ̀rí nìkan pẹ̀lú ohun tó ṣáájú rẹ̀ àti ohun tó tẹ̀ lé e, ó kọ ohun tí òun rí dì mú níbẹ̀, kó tó wá ṣí ìdáhùn wò. Bó ṣe dá "wọ́n rò pé" padà síwájú ẹ̀rí ọmọ àkọ́kọ́ báyìí, kò ku nǹkan kan: èrò àwọn tí ẹ̀rù ń bà ni, kì í ṣe ìwà Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ kejì sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ṣì í rò ló fà yọ. Ó bọ́ sí ọ̀kan. Ẹ̀kẹta gba méjì rẹ̀ pé.

Èyí tó le jù ni ti ọmọ tó ní Àjàyí láyà, tó fa "wọ́n sún mọ́ ọn" yọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ láyà lóòótọ́, àmọ́ àyọkà ò sọ pé Àjàyí ló ṣíwájú, tàbí pé kò fara pamọ́ sẹ́yìn wọn. Tíṣà fún un ní ọ̀kan, ó sì kọ ọ́ sétí ìwé rẹ̀ pé: "Ta ni 'wọ́n'?"