Ìpàdé Tó Di Ìdáná

Ẹ sún mọ́bí, kí Bàbá Akọ̀wé má baà gbọ́. Ẹ mọ̀ pé ìka kan ṣoṣo ni bàbá yẹn fi ń tẹ fóònù, bí ẹni ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó kọ ọ́ sórí Wọ́sáàpù ẹgbẹ́ onílé pé ìpàdé owó tiransifọ́mà di aago mẹ́rin ọjọ́ Àìkú, níwájú ilé Alága. Kò pẹ́ tí Alága fi pè é: “Akọ̀wé, ṣé ẹ ti gbàgbé ìdáná ọmọ mi ni?” Dípò kí bàbá yìí kọ ìkéde mìíràn, ó tẹ “Edit”, ó sọ aago mẹ́rin di aago méjì, ó sọ ilé Alága di iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yìn ọjà, ó bá sùn lọ.

Lóòótọ́, Wọ́sáàpù gbà kéèyàn tún ọ̀rọ̀ ṣe láàárín ìṣẹ́jú 15. Ṣùgbọ́n fóònù ẹnikẹ́ni kò ní dún. “Edited” tíńtín ló máa yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago; ta ló ń wo ìyẹn? Ìyá Ìbejì sì ti fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́ta tí kò sí lórí gúrúùpù. Akọ̀wé ì báà tún tiẹ̀ ṣe nígbà igba, èyí tó ti lọ ti lọ.

  

Èèyàn méje ló wà ní iléèwé láago méjì. Láago mẹ́rin, àwọn tó kù ń dé ilé Alága lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bá ìlù, wọ́n bá ìrẹsì, wọ́n jókòó. Bàbá kan tilẹ̀ ń yin ẹgbẹ́ pé ọdún yìí ni wọ́n náwó fún wa. Ìgbà tí ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ ló tó fura.

Bí ìpàdé ṣe di ti ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e nìyẹn. Ní báyìí, akọ̀wé wa ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ó kọ ìkéde tuntun:

“ÀYÍPADÀ! Ìpàdé ọjọ́ Àìkú tí a sún síwájú: kì í ṣe iwájú ilé Alága mọ́, iléèwé ẹ̀yìn ọjà ni. Kì í ṣe aago mẹ́rin mọ́, aago méjì ni. Ẹ má fi ìkéde àtijọ́ ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni.”

Ó wá fi “Pin” kàn án mọ́ òkè fún ọjọ́ méje. Lálẹ́ Àbámẹ́ta, ó wo “Message info”, gbogbo ẹni tí orúkọ wọn kò sí lábẹ́ “Read by” ló fi fóònù pè.

Owó ìtanràn àwọn tí kò wá sí ìpàdé àkọ́kọ́ ló kù. Ìyá Ìbejì ní kọ́bọ̀ òun kò ní jáde, torí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún lòun dé ilé Alága, òun gan-an lòun sì gbé igbá ìyàwó wọlé.